Ọ̀sẹ̀ Mọ́kàndínlógójì àti Àdúrà Má-Tètè-Wá

Iṣẹ́ mi àti oyún mi àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dé pọ̀ ni. Bí àwọn agbẹ̀bí ṣe ń ka oyún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni iṣẹ́ fi gba iwájú. Èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú Dọ́blìn ní ilẹ̀ Áyálándì nígbà náà. Ìwé ni òun ń kà, iṣẹ́ díẹ̀ ló ń ráyè ṣe. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, mò ń wẹ̀ fún àwọn ìyá àgbà, mo sì ń bá wọn wá eyín àtọwọ́dá tí wọ́n gbàgbé sínú ife tíì. Nígbà tí èébì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi láàárọ̀, ẹja tí wọ́n ń sè níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo di ẹ̀bi rù, títí dọ́kítà fi sọ fún mi pé ẹja kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Ní ìlú yẹn, bí òṣìṣẹ́ obìnrin bá fẹ́ bímọ, òfin fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ìsinmi, ṣùgbọ́n òfin ò fi dandan mú ọ̀gá iṣẹ́ láti san kọ́bọ̀ fún un nígbà ìsinmi náà. Ìjọba ló ń san án, láti inú àpò kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ jọ ń dá owó sí. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá gbowó iṣẹ́, wọ́n á yọ díẹ̀ níbẹ̀, ọ̀gá á fi tirẹ̀ kún un, wọ́n á sì ka ọ̀sẹ̀ yẹn fún un. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bíi tèmi tó lè gba owó ọlọ́mọ, ó gbọ́dọ̀ ti ní ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógójì láàárín oṣù méjìlá tó ṣáájú ọjọ́ tí ìsinmi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn, wọ́n lè wo ẹ̀yìn lọ sí ọdún tó ti kọjá. Èmi wo ẹ̀yìn, Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn ni mo rí.

Ìdí nìyí tó fi di eré ìje láàárín ikùn mi àti iṣẹ́ mi. Òfin tún ní ìsinmi náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó pẹ́ tán, ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń retí ọmọ tó parí. Mo kà á títí. Bí mo bá ṣiṣẹ́ dé ìparí tí òfin gbà mí láyè dé, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlélógójì ni màá ní. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lé. Bí ó bá sì ku ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, kò sí pé wọ́n á yọ díẹ̀ kí wọ́n san ìyókù. Òfo ni. Màá gba ìsinmi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ni a ó máa jẹ? Kò ní ju oṣù kan lọ lẹ́yìn ìkúnlẹ̀ tí n ó fi padà sídìí eyín inú ife, tí ọmọ mi yóò wà lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gba owó náà kò gbọdọ̀ fi oyún ṣe àṣírí. Ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì fi ìwé dọ́kítà tì í, tó sọ ọjọ́ tí wọ́n ń retí ọmọ. Èmi tètè kọ tèmi. Aṣiṣe tí mo ṣe ni pé mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù.

"O sọ ọjọ́ fún wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ọjọ́ yẹn gan-an? O ò fi oṣù kan kún un?"

"Dọ́kítà ló kọ ọ́, Màmá."

"Dọ́kítà náà mọ̀? Yéè! Ta ló wá kù tí kò mọ̀?"

Nílé wa ní Bẹẹrẹ, a kì í sọ oṣù oyún. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà. Bí ó bá tún béèrè, ọwọ́ Ọlọ́run náà ló ṣì wà. Ìyá mi bí ọmọ mẹ́rin láìsí aládùúgbò kan tó lè búra pé òun rí oyún lára rẹ̀. Ó ń ta ike àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ní Ọjà'ba, ó sì lè gbé abọ́ ike ńlá kan dání síwájú ikùn fún odindi ọ̀sán, kó máa dúnàádúrà lẹ́yìn rẹ̀. Àtìgbà tí mo ti sọ fún un pé orúkọ mi, ikùn mi àti ọjọ́ ìkúnlẹ̀ mi ti dé ọ́fíìsì ìjọba, ló ti ń fi ààwẹ̀ Ọjọ́rú kún ti Ẹtì.

Ó fẹ́ wá bá mi tọ́jú ọmọ. Wọn kò fún un ní físà. Wọ́n ní àwọn kò rí ohun tí yóò mú un padà sílé, ìyá mi, tí kò lè sun ìta Bẹẹrẹ lóru méjì kó má ráhùn. Ó sunkún lórí fóònù, èmi náà sunkún. Nígbà tí ìsinmi ọdún mi tó ọ̀sẹ̀ méjì, oyún sì wọ oṣù kẹfà, mo ní èmi ni n ó wá. Ìsinmi olówó ni, ọ̀gá ń san owó mi, wọ́n sì ń ka ọ̀sẹ̀ náà fún mi bí ẹni pé mo wà nídìí iṣẹ́. Nítorí náà n kò pàdánù nǹkan kan, mo sì rò pé mo gbọ́n.

Láti ìgbà tí mo ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ìyá mi ti da bùbá kan bò mí tí èèyàn méjì lè gbé inú rẹ̀. Àwọn ìyá àdúgbò wá kí mi. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi tó wú, wọ́n fo àárín.

"Oúnjẹ òyìnbó bá ọ lára mu o!" ni ọ̀kan wí.

"Bọ́tà ni," ni ìyá mi dá a lóhùn. "Bọ́tà ni wọ́n fi ń se gbogbo nǹkan níbẹ̀."

Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà pé bọ́tà ni, gbogbo wọn gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì gbàdúrà fún bọ́tà náà pé wẹ́rẹ́ ni yóò sọ̀. Wẹ́rẹ́, kíákíá, kí ó tilẹ̀ tó tó àkókò! Mo ṣe àmín pẹ̀lú ẹnu, ṣùgbọ́n ọkàn mi ń gbó wọn lẹ́nu. Ọmọ tó bá tètè dé, ọjọ́ tó dé ni ìsinmi mi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni kíkà dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lé lọ́wọ́ mi. Àdúrà àwọn ìyá Bẹẹrẹ sì máa ń gbà, ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí n padà ni ìyá mi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé pẹ̀lú ojú tó le. Ìjọ Aládùúrà kan ní Ìdí Àrẹrẹ ló ń lọ. Ó jókòó, ó tú gèlè, ó ní ìran jáde. Ìyá àdúrà wọn rí i pé ọjọ́ mọ́kànlélógún ni a gbọ́dọ̀ fi gbàdúrà lé oyún yìí lórí, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n kò sì gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú títí ọjọ́ yóò fi pé. Mo rẹ́rìn-ín. Mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo dé, ìwé ìrìnnà mi kò sí nínú báàgì mọ́.

Ìyá mi ní àpótí onígi kan tó fi ń kó aṣọ rẹ̀ tó dára sí, pẹ̀lú kànáfùrù kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni ìwé mi wà. Kọ́kọ́rọ́ wà ní etí ìró rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó lórí àpótí náà bí adìyẹ tó ń sàba. Ó jẹun níbẹ̀. Ó gba àlejò níbẹ̀. Oníbàárà kan wá láti Ọjà'ba láti wá a torí bọ́kẹ́ẹ̀tì, orí àpótí náà ló ti dá a lóhùn iye owó.

"Màmá," ni mo wí, mo ń pe sùúrù sí ara mi, "ọjọ́ mọ́kànlélógún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ọ̀gá mi kò ní san owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ọ̀sẹ̀ tí wọn ò bá ti sanwó fún mi, wọn ò ní kà á. Méjì ló lé lọ́wọ́ mi. Ẹ yọ mẹ́ta kúrò, yóò ku ọ̀kan kó pé."

"Ọ̀kan péré? O ò lè bẹ̀ wọ́n?"

"Wọn kì í gba ẹ̀bẹ̀. Ẹ wò ó bí àjọ. Gbogbo òṣìṣẹ́ ń dá a, àwọn tó bá bímọ ń kó níbẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé kò lè kó."

Ojú rẹ̀ là díẹ̀. Èdè tó yé e nìyẹn.

"Ta ni olórí àjọ?"

"Ìjọba."

"Kò sì tíì kó owó náà sá lọ?"

"Kò tíì kó o sá lọ, Màmá."

"Kí ló wá ń dúró dè?"

Bàbá mi, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, tó sì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi níbi tí ìran kì í ti í jáde, gbé ìwé ìròyìn kúrò lójú. Ó ní kò yé obìnrin yìí, pẹ́ńṣàn ni ọ̀rọ̀ náà, òun sì mọ pẹ́ńṣàn dáadáa. Ó ní tí wọ́n bá pè mí fún àyẹ̀wò, kí n rí i pé mo gbé oyún náà dání lọ, torí nígbà tí wọ́n pe òun, wọ́n wo ojú òun, wọ́n sì tún béèrè ẹ̀rí pé òun wà láàyè.

"Kì í ṣe pẹ́ńṣàn, Bàbá."

"Ẹ̀rí méjì ni kí o mú dání," ni bàbá mi wí, ó sì gbé ìwé ìròyìn padà.

Ìyá mi ti ń tú etí ìró kejì. Owó ló fà yọ níbẹ̀, ó ní èló ni ti ọ̀sẹ̀ kan, òun á bá mi dá ẹyọ kan tó kù. Mo ní kò ṣe é ṣe. Òṣìṣẹ́ kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra ọ̀sẹ̀ tí kò ṣe, kí wọ́n wá fi ìyẹn san owó ọlọ́mọ fún un, ká má tiẹ̀ wá sọ ti ìyá rẹ̀. Inú owó iṣẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ ti jáde. Ó ronú díẹ̀. Ó ní ó dáa, kí ọkọ mi lọ bá mi ṣe iṣẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo rí ọkọ mi lójú inú, ó di kànrìnkàn mú, àwọn ìyá àgbà òyìnbó ń sá fún un káàkiri ilé, mo sì bú sẹ́rìn-ín láìfẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo bú sẹ́kún.

Ẹkún náà kò gbé e kúrò lórí àpótí. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo wọ bùbá elérò méjì mi, mo bọ́ sí òpópónà, mo ní n ó lọ bá ìyá àdúrà náà fúnra mi ní Ìdí Àrẹrẹ.

Ìyá mi kò fẹ́ kí n dá lọ. Kò sì fẹ́ fi àpótí sílẹ̀. Mo ti dé Ọjà'ba kí n tó gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Mo wẹ̀yìn, mo rí ìyá mi tó ń bọ̀, àpótí onígi lórí, ó ń mí gúlegúle. Bàbá mi ń tẹ̀ lé e, ìwé ìròyìn lábẹ́ apá, ó ń rìn bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Ìyá oníke, ṣé kò sí o?" ni àwọn ará ọjà ń béèrè. "Ṣé wọ́n lé ọmọ jáde nílé ni?"

"Kò sí nǹkan kan," ni ìyá mi ń wí. "Ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ."

"Pẹ̀lú àpótí?"

"Ọrẹ ni!"

Ìyá àdúrà náà jókòó níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó jẹ́ obìnrin ńlá kan tó ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀, òun kan náà ló sì ń gba àjọ ẹgbẹ́ ìyá nínú ìjọ náà. Mo kúnlẹ̀ bí oyún ṣe gbà mí láyè, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un: ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógójì, ọ̀sẹ̀ méjì tó lé, ọjọ́ mọ́kànlélógún. N kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tó ti ń mi orí.

"Tí kò bá pé, kò lè kó o," ni ó wí. "Èmi gan-an, ó níye ìyá tí mo ti wí i fún níbí. Wọ́n á ní ọmọ ń ṣàìsàn, wọ́n á ní ọkọ rìnrìn-àjò. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ lọ mú un pé wá." Ó gbọn ẹ̀wà ọwọ́ rẹ̀. "Kí ló wá dá ọ dúró sí Ìbàdàn? Gbéra máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ."

"Ìyá wa, ìran tí ẹ rí ni. Ẹ ní n kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú."

"Èmi?"

Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá mi yọ, tó sọ àpótí kalẹ̀ gbì.

"Mo ní kí ó fi ọjọ́ mọ́kànlélógún gbàdúrà," ni ìyá àdúrà wí, ojú rẹ̀ wà lára ìyá mi. "Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé Bẹẹrẹ ni kó ti gbà á. Ṣé Ọlọ́run ò sí ní Dọ́blìn ni?"

Ìyá mi fi etí ìró nu ojú. Ó wo òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wo àpótí. Ó ní bóyá òun kò gbọ́ ọ dáadáa, àwọn akọrin ń pariwo lọ́jọ́ náà.

Bàbá mi wúkọ́. Inú bí mi gidigidi. Ìyá tó bí mi ló fẹ́ fi irọ́ gba oúnjẹ ọmọ mi lẹ́nu! Mo sọ ọ́ jáde níbẹ̀, lójú ìyá àdúrà àti ẹ̀wà rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ṣé kí ìyà jẹ ọmọ mi lẹ ń fẹ́ ni?" Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí àpótí, ó gbé ìwé ìrìnnà mi lé mi lọ́wọ́, òórùn kànáfùrù sì bo gbogbo wa mọ́lẹ̀.

Kí n tó dìde, mo rántí ọ̀ràn kejì. Mo bẹ ìyá àdúrà pé, àdúrà wẹ́rẹ́-kíákíá tí àwọn ìyá máa ń gbà fún aboyún, kí wọ́n jọ̀wọ́ dẹwọ́ rẹ̀ fún mi. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dànù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń gbàdúrà fún aboyún, òun kò gbọ́ irú èyí rí, ṣùgbọ́n kò sí èdè tí Ọlọ́run kò gbọ́. Ó pe àwọn ìyá tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì jáde. Wọ́n yí mi ká, wọ́n na ọwọ́ sí bùbá náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ikùn mi sọ̀rọ̀.

"Má tètè wá o, ọmọ! Jókòó jẹ́ẹ́! Má kánjú! Jẹ́ kí ti ìyá ẹ pé!"

Ìyá mi náà gbà á pẹ̀lú wọn, ohùn rẹ̀ ló lọ sókè jù.

Mo padà, mo sì ṣiṣẹ́. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti béèrè fún owó ọlọ́mọ náà, torí bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é nìyẹn. Orí ìkànnì ìjọba nínú fóònù mi ni, nínú àkáǹtì tí wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀. Mo sọ ọjọ́ tí a ń retí ọmọ, mo sọ ọjọ́ tí ìsinmi yóò bẹ̀rẹ̀, mo fi nọ́ńbà báńkì mi sí i. Ọ̀gá mi jẹ́rìí sí i níhà tirẹ̀ pé ìsinmi tọ́ sí mi láti ọjọ́ yẹn. Kò sí ẹni tó ní kí n wá fi ikùn hàn, ó sì dun bàbá mi díẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ̀wé pé àwọn ti fọwọ́ sí i, bí mo bá ṣáà ti ń ṣiṣẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlélógójì pé géé. Mo pe Bẹẹrẹ.

"Àjọ ti pé!" ni ìyá mi kígbe, mo sì gbọ́ tó sọ fún ẹnì kan lẹ́yìn pé bọ́tà ni.

Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni owó ń wọ báńkì. Èmi àti ọkọ mi jókòó, a ń retí. Ọjọ́ tí dọ́kítà dá pé, ọmọ kò yọjú. Ó fi ọ̀sẹ̀ kan lé, kò yọjú. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí mo ń jókòó wò yìí náà, wọ́n wà nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n fún mi. Ọmọ náà jókòó sínú, ó ń jẹ ìsinmi ara rẹ̀. Agbẹ̀bí ní bó bá di Ọjọ́bọ̀ tí n kò tíì rọbí, àwọn á fi oògùn mú kí n rọbí. Mo dé ilé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fọwọ́ gbá ikùn pẹ̀lẹ́. Lójijì ni nǹkan sọ sí mi lọ́kàn. Mo gbé fóònù.

"Màmá, àdúrà yẹn, ṣé wọ́n ṣì ń gbà á?"

"Àdúrà wo?"

"Má-tètè-wá."

"Ojoojúmọ́!" ni ìyá mi wí, inú rẹ̀ dùn. "Ẹgbẹ́ ìyá ti gbé e wọ ààwẹ̀. Má wulẹ̀ jáyà."

"Màmá! Àjọ ti pé! Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dáwọ́ dúró!"

Mo gbọ́ tí fóònù bọ́ sílẹ̀. Bàbá mi ló sọ fún mi lẹ́yìn pé ìyá mi kò dúró wọ bàtà. Ó gba Ọjà'ba kọjá lẹ́sẹ̀ lásán, àwọn ará ọjà ń béèrè ibi tí àpótí wà. Ọjọ́ kejì, ní Ọjọ́rú, mo rọbí láìlo oògùn, mo bí ọmọbìnrin. Bàbá mi ní àkókò rẹ̀ ló tó. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Nígbà tí ọmọ tó gbé, tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, mo sọ fún ọ́fíìsì ìjọba pé mò ń rìnrìn-àjò ráńpẹ́, mo gbé e wá sí Bẹẹrẹ. Orí àpótí náà ni mo bá ìyá mi. Ó na ọwọ́, ó gba ọmọ, ó gbé e lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ní oríkì, ó ń fi ìka na imú rẹ̀ bó ṣe ń na tèmi tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oríkì ló kọjú sí mi.

"Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń san owó yẹn fún? O ò lọ síbi iṣẹ́. O ò ta nǹkan kan."

"Wọ́n ń san án kí ìyá lè jókòó ti ọmọ rẹ̀ ni, Màmá. Kó má baà jẹ́ pé kíá ló máa fi í sílẹ̀."

Ó gbọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ pa ìdérí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, kò wo ojú mi.

"Kí lo rò pé èmi ń ṣe lórí àpótí yìí lọ́jọ́ yẹn?"

Ó sún díẹ̀, mo sì jókòó tì í.